Nígbà Tí Oníbàárà Bá Ní, “Ẹ Fi Àlàyé Sí I Ránṣẹ́”

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tí ó ti di ìyàwó ilé ní Òfin, ní Ṣàgámù, ń ta obì. Ó kọ̀wé lórí fóònù sí obìnrin kan ní Èkó, ẹni tí ó máa ń bá àwọn ẹlẹ́bí di ẹrù ìdána. Ìyá náà fèsì pé: “Ẹ fi àlàyé sí i ránṣẹ́.” Inú ọmọ mi dùn. Ó ṣe ìwé ìpolówó olójú-ewé mẹ́sàn-án: àwòrán oko, ìtàn obì ní Rẹ́mọ, iye owó oríṣìíríṣìí, àti bí gbàǹja ṣe ń lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ìyá náà kò wí nǹkan kan.

Nígbà tí ó mú ìwé náà wá fi hàn mí, mo rí i pé ìdajì rẹ̀ kò kan ẹni tí ó ń di ẹrù ìdána. Gbàǹja a máa là sí ọ̀nà méjì péré. Àbàtà olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ìdílé púpọ̀ ń béèrè. Yàtọ̀ sí èyí, a kò tíì mọ ohun tí ìyá náà fẹ́ gbọ́. “Ẹ fi àlàyé ránṣẹ́” lè jẹ́ ìbéèrè tòótọ́; ó sì lè jẹ́ ọ̀nà ọmọlúàbí láti sọ pé òun kò fẹ́. Ìbéèrè kúkúrú ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

A tún un kọ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀: iye owó ni, tàbí bí obì yóò ti pẹ́ tó, tàbí bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ yín? Àbàtà nìkan ni mo ń sọ.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé. Kòkòrò ni ó ń bà á lẹ́rù: obì kan ti dójú tì í rí níwájú àwọn àna.

Èsì ọmọ mi kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní òun a máa rẹ obì sínú omi kí awọ funfun rẹ̀ lè bọ́, òun a fọ̀ ọ́, òun a jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ, òun a sì fi ewé tútù dì í sínú agbọ̀n. Òun a máa tú u wò, kí òun lè ṣa èyí tí ó bá ní ihò kúrò kí kòkòrò tó ran ìyókù. Kò ṣèlérí pé kòkòrò kò ní wọ ọ̀kankan, nítorí irọ́ ni ìyẹn. Ó fi àwòrán kan ṣoṣo kún un, ti obì tí a là, ó sì parí rẹ̀ pé: “Mo lè fi 10 ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì là wọ́n wò. Ṣé kí n fi wọ́n ránṣẹ́?”

Ìyá náà gbà á. Méjì nínú mẹ́wàá ni ó ní ihò, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ọmọ mi dín iye ọjọ́ tí obì ń lò nínú agbọ̀n kù kí ó tó kúrò ní Òfin. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà béèrè iye owó 42, fún ìdána kan ṣoṣo.

Bí ìyá náà kò bá fèsì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní kí ó tún kọ̀wé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì fi í sílẹ̀.