Owó Ọjà Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kọ̀rọ̀

"Ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀." Èsì tí àwọn kan tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára ní Àdó, lágbègbè Àjá, ń fún ẹni tó bá bèèrè owó nìyẹn. Wọ́n ní àṣà ìnájà ni. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ẹni tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà tí kò dúró tì í a máa fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye owó rẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà, ní abala 115, ní kí òǹtajà fi iye owó hàn, kó má sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí kò pa ìnájà. Bí òǹtajà bá ra aṣọ ní ₦9,000, tó kọ ₦12,000 síbẹ̀, ₦10,500 lè jẹ́ jálẹ̀ fún ẹni tó bá ra méjì. Kó sọ ọ́ ní gbangba. Àdírẹ́sì àti owó tí yóò gbé ọjà délé ni kó wà ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá kọ iye kankan, tó ta á fún ẹnì kan ní ₦10,500, tó gba ₦14,000 lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí àwòrán rẹ̀ jọ ti ọlọ́rọ̀, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá fi aṣọ wéra, ẹni tó san ₦14,000 kò ní padà wá.