Ọ̀SẸ̀ KÌ Í ṢE OṢÙ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ KÁÀDÌ ÀJẸSÁRA

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó wa ní Agbójú, Fẹ́sítàkì àti gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin:

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ káàdì àjẹsára ọmọ wa. Bí ìyá ọmọ bá ní kí wọ́n bá òun kà á, wọ́n á ní, "Oṣù kan àbọ̀, oṣù méjì àbọ̀, oṣù mẹ́ta àbọ̀." Awa ò gba ìtumọ̀ yẹn! Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ló wà nínú káàdì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí owó àjọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2025, ọ̀sẹ̀ 6 rẹ̀ pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ 10 pé ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ 14 sì pé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà. Mọ́ńdè ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ka oṣù mẹ́ta àbọ̀, ó di nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù kẹfà kó tó yọjú. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n ń ka ọjọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà, tó ń dènà ipá, ikọ́ líle àti àrùn mẹ́ta mìíràn. Àkọ́kọ́ ń fi àrùn han ara ọmọ. Ìkejì àti ìkẹta ló ń kọ́ ara bó ṣe máa jà dáadáa. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń dá ẹni tó bá tètè dé padà, ẹ má bínú sí i. Ẹni tó bá sì pẹ́, ààbò ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ní gbogbo ọjọ́ tó fi pẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìkókó ni ikọ́ líle máa ń pa jù.

Àwọn kan ní bí ọjọ́ bá ti kọjá, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, kí èèyàn jókòó sílé. Irọ́ ni! Ká ní ìyá ọmọ yìí lọ sí abúlé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tí kò sì padà dé títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Abẹ́rẹ́ kejì ni wọ́n máa gún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìkẹta á wá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù keje.

Oṣù ni wọ́n fi ń ka ti éèyí: oṣù 9 àti oṣù 15. Nínú ọmọ 100 tó gba ti oṣù 9, nǹkan bí 15 ni kò ní mú lára wọn. Torí tiwọn ni ìkejì fi wà, ẹ má fò ó.

Ohun tí àwa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn kò le. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti oṣù gan-an sínú káàdì, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ìyá ọmọ ní Yorùbá, Ẹ̀gùn tàbí Ìgbò kó tó gbé ọmọ pọ̀n. Bí ọjọ́ bá yí padà, kí wọ́n fagi lé ti àtijọ́, kí wọ́n kọ tuntun. Ẹ̀yin náà, bí wọn kò bá tíì kọ ọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́