Ọgbọ̀n Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Ní Lómé níbí, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ bá gba òmìnira, ọjọ́ ayọ̀ ni. Wọ́n á da àtíkè sí i lára, ẹbí á jó, ọ̀gá á súre. Ní ọjọ́ kejì, ìbéèrè mìíràn á dé: níbo ni yóò jókòó sí, báwo ni yóò sì ṣe bẹ̀rẹ̀? Abala wa ti oṣù yìí wà fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ní ẹ̀rọ kan, tí ó fẹ́ gba yàrá kékeré kan ní Adidogomé tàbí ní Bẹ̀, tí kò sì tíì ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá a ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe àìrí oníbàárà nìkan ní í ba ṣọ́ọ̀bù tuntun jẹ́. Èyí tí a ń rí jù ni pé aránṣọ gba aṣọ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè rán lọ, ó ná àsansílẹ̀ Lámọrín láti fi ra ìtẹ́nú aṣọ Làkásègbè, ó sì ń sá fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ohun kan ni ètò ọgbọ̀n ọjọ́ tí a ń là sílẹ̀ yìí dá lé lórí: kí aránṣọ mọ ìwọ̀n ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà. Nígbà náà, eré aṣọ ilé-ìwé ti rọlẹ̀, ti Kérésìmesì kò sì tíì dé. Ẹni tí ó bá ṣílẹ̀kùn láàárín oṣù Ọ̀pẹ ń kọ́ òwò nínú ìjì.

Ọjọ́ 1 sí 7: yàrá àti ẹ̀rọ

Kí ó tó san owó ilé, kí ó lọ wo yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò. Ní ọ̀sán, kí ó wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń wọlé tó láti ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́ láìtan iná. Lẹ́yìn òjò, kí ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ògiri bá tutù, aṣọ oníbàárà yóò hu funfun nínú àpò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó béèrè bóyá mítà iná CEET ti yàrá náà dá wà, nítorí pé mítà tí ènìyàn mẹ́rin jọ ń lò kì í pẹ́ di ìjà. Kí owó ilé àti iye oṣù tí ó san sílẹ̀ wà nínú ìwé tí onílé fọwọ́ sí.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni a dámọ̀ràn fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò dúró de iná. Kí ó ra abẹ́rẹ́ nọ́mbà 14 fún ànkárá, nọ́mbà 16 fún kakí àti jíǹsì, àti nọ́mbà 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń fo ojú rírán, kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ó tó pe alátùn-únṣe. Abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ ti kú ni okùnfà rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, kí ó lọ béèrè ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníṣẹ́-Ọwọ́ nípa ìforúkọsílẹ̀, kí ó mú ìwé ẹ̀rí ìparí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ dání, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ OTR, ilé-iṣẹ́ agbowó-orí, irú owó orí tí ó kan oníṣẹ́ kékeré. Ẹni tí ó ti béèrè kì í bẹ̀rù nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ 8 sí 14: ìwọ̀n ọwọ́ àti iye owó

Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọkàn ètò náà. Kí ó má tíì gba aṣọ ẹnikẹ́ni. Kí ó rán aṣọ mẹ́ta tí yóò fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà: kàbá kan tí ó ní ìtẹ́nú, kàbá kan tí kò ní, àti bùbá pẹ̀lú ìró. Bí ó ti ń rán wọn, kí aago àti ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ wákàtí tí gígé gbà, tí rírán gbà, àti tí lílọ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní kàbá onítẹ̀ẹ́nú gbà á ní wákàtí 6. Ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Èyí jẹ́ wákàtí 48. Ṣùgbọ́n kíkí oníbàárà, wíwọn ara, lílọ ra òwú ní Asigamé àti títún ilé ṣe yóò jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Wákàtí 36 ló kù, ìyẹn kàbá mẹ́fà. Kí ó fi àyè ọ̀kan sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí ó gba márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní oṣù kan, ogún kàbá ni agbára rẹ̀.

Wàyí o, owó ńkọ́? Ká ní owó ilé jẹ́ 15.000 fránkì, iná 5.000, ìtọ́jú ẹ̀rọ 5.000, ọkọ̀ 5.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30.000. Kí ó sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ kún un. Láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Tógò jẹ́ 52.500 fránkì, kí ó fi iyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Gbogbo rẹ̀ di 82.500. Bí a bá pín in sí ogún kàbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú 4.125 wọlé. Ìtẹ́nú, sípù àti òwú, ká ní wọ́n jẹ́ 1.350. Kàbá náà di 5.475, kí ó pè é ní 5.500.

Oníbàárà á sọ pé aránṣọ ìgboro kejì ń gba 4.000. Bí òun náà bá gbà á, 2.650 ni yóò kù lórí ẹyọ kan lẹ́yìn ìtẹ́nú àti òwú. Ogún rẹ̀ jẹ́ 53.000. Yọ 30.000 kúrò, yóò ku 23.000 fún oṣù kan gbáko, èyí tí kò tó ìdajì owó tí òfin sọ. Ìdáhùn tí ó dára ni pé kí ó dín iṣẹ́ kù dípò kí ó dín owó iṣẹ́ kù. Kàbá tí kò ní ìtẹ́nú, bí ó bá gbà á ní wákàtí 4, lè jẹ́ 3.500 kí ó sì jèrè. Kí ó gbé méjèèjì kọ́, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ yan.

A kò sọ pé ogún yóò dé ní oṣù àkọ́kọ́. Bóyá mẹ́jọ ni yóò dé. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí owó ilé oṣù méjì ti wà nípamọ́ kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ 15 sí 24: gbígba aṣọ

Lómé jẹ́ ìlú tí àwọn Nana Benz ti sọ ànkárá lórúkọ, tí oníbàárà sì mọ iye ohun tí ó gbé wá. Aṣọ hólàńdì yàádì 6 sábà máa ń wọ́n ju owó ìránṣọ rẹ̀ lọ fíìfíì. Gígé kan tí ó ṣìnà lè gbé èrè odindi ọ̀sẹ̀ lọ.

Kí ó wọn aṣọ lójú oníbàárà, kí ó kọ iye yàádì sílẹ̀, kí ó gé ìwọ̀n èékánná kan mọ́ ojú ìwé náà. Kí ó fi aṣọ funfun tí ó tutù ra igun kan. Bí àwọ̀ bá yọ, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó pínyà. Lẹ́yìn náà, kí ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya ojú onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, sí igun aṣọ náà, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá di 9 àti ààbọ̀, gbogbo aṣọ náà gbọ́dọ̀ wọ omi kí àlùmágàjí tó kàn án. Kí ó ṣe bákan náà fún ìtẹ́nú, nítorí pé ìtẹ́nú tí ó sún kì lẹ́yìn ìfọ̀ ní í fa ìṣẹ́tí kàbá sókè. Bí àwòrán bá tóbi, bí ẹyẹ tàbí ọwọ́, kí ó tẹ́ gbogbo aṣọ sílẹ̀ kí ó rí i pé orí gbogbo ẹyẹ kọjú sókè. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ yàádì sí i.

Ìdajì owó ni àsansílẹ̀: 2.750 lórí kàbá 5.500. Kí owó kọ̀ọ̀kan wọ àpòòwé tirẹ̀ tí orúkọ wà lára rẹ̀, kí a má sì fọwọ́ kàn án àfi fún ohun èlò aṣọ náà, títí aṣọ yóò fi lọ. Kí ó dá ọjọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wọ̀ ọ́ wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó sì gbà á ní ọjọ́ Ẹtì." Nínú ìwé tirẹ̀, Ọjọ́rú ni iṣẹ́ ti parí, ọjọ́ méjì yẹn ni fún iná tí ó lọ àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ ìwọ̀wò, kí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ṣì wà nínú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́, kí ó lè tú u bí ó bá fún. Bí ẹni kẹfà bá dé ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni kí ó kọ ọ́ sí.

Ní alẹ́, kí ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, kí ó sì gbé àpò aṣọ oníbàárà jìnnà sí wáyà. A kò tíì gbàgbé iná tí ó jó ọjà Asigamé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2013. Aṣọ tí ó wà lórí àga yẹn kì í ṣe ti aránṣọ.

Ọjọ́ 25 sí 30: kíka ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Kí ó ṣí ìwé rẹ̀ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Aṣọ mélòó ni ó jáde ní ọjọ́ tí a dá? Wákàtí mélòó ni kàbá gbà ní tòótọ́? Mélòó ni ó padà wá fún àtúnṣe, ibo lára ni? Bí àtúnṣe mẹ́ta bá jẹ́ ti èjìká, wíwọn èjìká ni kí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tún wò. Bí kàbá bá gbà á ní wákàtí 8 dípò 6, márùn-ún ti pọ̀ jù fún un. Mẹ́ta ni kí ó máa gbà lọ́sẹ̀, kí ó sì tún owó rẹ̀ ṣírò.

Àmì méjì ló wà tí ó gbọ́dọ̀ mú un dá gbígba aṣọ dúró: bí ó bá ti ṣí àpòòwé ẹnìkan nítorí aṣọ ẹlòmíràn, tàbí bí orúkọ méjì bá ti kọjá ọjọ́ wọn nínú ìwé. Kí ó rán àwọn ti ilẹ̀ tán ná.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò sí nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yìí. Ẹni tí kò tíì mọ wákàtí tirẹ̀ kò lè pín wákàtí ẹlòmíràn. Bí oṣù Bélú bá wọlé, àwọn tí yóò ránṣọ Kérésìmesì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Nígbà náà, yóò ti mọ nọ́mbà kan tí ọ̀pọ̀ aránṣọ kì í mọ̀: iye aṣọ tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìlérí.