Páìpù bẹ́ lóru? Ẹ má tíì pe púlọ́ḿbà

1/ Ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn láńdílọ́ọ̀dù kan nínú, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Bí páìpù bá bẹ́, tàbí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń ta pàrà láago méjìlá òru, àtúnṣe kọ́ ni iṣẹ́ òru. Iṣẹ́ òru ni kí ewu dúró. Àtúnṣe di àárọ̀. Ilé tí ò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

2/ Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní Komu níbí, kódà títí dé Ìsẹ́yìn. Láńdílọ́ọ̀dù ń gbé n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, kiatékà ló ń bá a wo ilé. Ayálégbé á pe kiatékà, kiatékà á pe láńdílọ́ọ̀dù, láńdílọ́ọ̀dù á kọ́kọ́ bínú pé wọ́n jí òun, lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n wá rìwáyà. Wákàtí kan ti lọ báyẹn. Kò tíì sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n ti pa iná.

3/ Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó wà lẹ́nu kiatékà kó tó pe oníṣẹ́ kankan. Ìkíní: ṣé ẹ ń rí èéfín, ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, àbí iná ń gbé èèyàn? Ìkejì: ṣé omi ti dé ibi tí iná wà? Ìkẹta: ṣé ẹ lè tì í pa láti ibi tó gbẹ?

4/ Ìdáhùn yẹn ló máa pín iṣẹ́. Bí ìkíní tàbí ìkejì bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, kéèyàn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n sì pa iná kíá. Bí omi lásán bá ń tú tí kò ṣeé tì, ọ̀rọ̀ dúkìá ni, ẹ pe oníṣẹ́ lóru yẹn. Bí wọ́n bá tì í, tó sì dúró, ẹ jẹ́ kí púlọ́ḿbà sùn.

5/ Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, tánkì lítà 2,000 wà lókè lẹ́yìn ilé. Láago 11:40 alẹ́, ìpè wọlé:
"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi ń já bọ́ láti sílíìnì bálùwẹ̀, gílóòbù ibẹ̀ sì ń ṣẹ́jú."
"Ẹ má fọwọ́ kan suíìṣì yẹn o, Màmá. Ẹ jáde níbẹ̀. Ṣé ọ̀nà tó lọ síbi mítà gbẹ?"
"Ó gbẹ, sà."
"Ẹ ní kí ẹnì kan wọ bàtà, kó lọ pa suíìṣì ńlá ẹ̀gbẹ́ mítà. Kí ẹlòmíì lọ ti fáàfù abẹ́ tánkì."

6/ Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Bí páìpù náà bá ń tú kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kan ní ìṣẹ́jú kan, tánkì yẹn máa ṣófo tán ní ìṣẹ́jú 100. Fáàfù tí wọ́n bá tì ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ẹ̀gì márùn-ún péré ló bá a lọ. Bí wọ́n bá dúró de púlọ́ḿbà fún wákàtí kan, ọgọ́ta kẹ́ẹ̀gì ló ti wọ sílíìnì. Tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá sì ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, tánkì náà ò ní tán láé. Ẹ pa òun náà.

7/ Ká ní ọ̀nà mítà ti kún fómi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹ kó àwọn èèyàn jáde, kẹ́ ẹ pe IBEDC kí wọ́n wá já iná látorí òpó. Fáàfù tánkì ní tiẹ̀ wà níta, ẹ lè tì í bí kò bá sí wáyà nítòsí ẹ̀. Bí nǹkan bá sì ti ń jó, ẹ má da omi sí i nígbà tí iná ṣì wà nínú wáyà. Ẹ pe 112.

8/ Ohun méjì ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Àkọ́kọ́ ni pé "Nẹ́pà ti mú iná lọ, kò séwu." Irọ́ ni! Wọ́n lè mú un dé láago méjì òru, nígbà tí gbogbo yín ti sùn. Suíìṣì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pa nìkan ló pa. Èkejì ni sólà. Bí ínfátà bá wà nílé, pípa suíìṣì Nẹ́pà ò ní kó pa wáyà tí ínfátà ń gbé iná fún. Ẹ pa ínfátà náà.

9/ Àmì kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ayálégbé mọ̀. Bí gílóòbù yàrá kan bá ràn ju bó ṣe yẹ lọ, tí ti yàrá kejì wá ń ṣe bàìbàì, wáyà níútírà lè ti já. Àwọn ẹ̀rọ yín ló máa jó. Ẹ pa gbogbo iná ilé, kẹ́ ẹ wá yọjú wo ilé kejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà, IBEDC lẹ máa pè. Bó bá jẹ́ ilé yín nìkan, ó lè jẹ́ wáyà tó wá látorí òpó, ó sì lè jẹ́ ti inú ilé. Ẹ pe IBEDC àti rìwáyà, kí iná wà ní pípa títí wọ́n á fi dé.

10/ Kí ló dé tí mo ní kí púlọ́ḿbà sùn? Ẹ bi èyíkéyìí nínú wọn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù oníke ò ní di páìpù tútù mú dáadáa, ó sì fẹ́ àkókò kó tó gan. Èyí tí wọ́n bá fi tọ́ọ̀ṣì lẹ̀ lórí omi lóru lè tú lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà náà, ẹ ti san owó òru, ẹ tún máa san owó ọ̀sán.

11/ Bó bá sì di dandan kí oníṣẹ́ wá lóru, ẹ má kàn sọ pé "páìpù bẹ́, ẹ máa bọ̀." Ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ẹ sọ bí páìpù náà ṣe tóbi tó, ibi tó wà, àti bóyá ara páìpù ló sán tàbí oríkèé ló yọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta páìpù kì í ṣí lóru. Ohun tó bá gbàgbé sílé ti di tàárọ̀.

12/ Kì í ṣe èmi ni mo dá èrò yìí sílẹ̀. Ní Íńgílándì, láti 27 Oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n ní òfin kan tí wọ́n sọ lórúkọ Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tó kú ní 2020 nítorí èébú ara ògiri ilé tí àwọn òbí ẹ̀ yá gbé. Òfin náà kan àwọn àjọ tó ń yá aráàlú nílé: wákàtí 24 ni wọ́n ní láti yẹ ewu pàjáwìrì wò, kí wọ́n sì mú un kúrò. Kí ilé má léwu mọ́ ni wọ́n gbé aago lé níbẹ̀. Àtúnṣe tó bá ṣẹ́ kù lè tẹ̀ lé e.

13/ Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin láńdílọ́ọ̀dù wa ò pọ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ibi mítà sílẹ̀ nílé. Ẹ sì dá iye kan tí kiatékà lè ná lóru láì pè yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "ó máa jẹ owó mi ni." Ó dáa, ẹ ní kó ya fọ́tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀, kó sì tọ́jú páìpù tó bẹ́ dè yín. Owó tẹ́ ẹ rò pé ó máa jẹ, ṣé ó tó owó sílíìnì?

14/ Ẹ̀yin ayálégbé ẹgbẹ́ mi, kílẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ lọ wá fáàfù tánkì yín, kẹ́ ẹ yí i wò. Èyí tí wọn ò yí láti ọdún mẹ́ta ti lè gan pa. Bí kò bá yí, ẹ má fipá ṣẹ́ ẹ. Ẹ pe kiatékà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣí, tí púlọ́ḿbà sì wà lójúfò.