Nígbà Tí Ìyá Bá Ní, "Bẹ́ẹ̀ Ni Èmi Náà Ṣe"

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ọmọbìnrin kì í kọjá àárín ìyá àti ọmọ. Bí ọmọ bá ráhùn pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun jù, ìyá á rántí ìgbà ọ̀dọ́ tirẹ̀, á sì fi ọ̀rọ̀ kan tù ú nínú: "Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi náà ṣe. Bí ara wa ṣe rí nìyẹn." Ìfẹ́ ni ìyá fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìdílé kan, gbólóhùn ìtùnú yìí gan-an ni ẹ̀rí pé àrùn kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún ní orúkọ. Ohun tí gbogbo ará ilé bá ní ni ará ilé máa ń pè ní bó ṣe yẹ kó rí. Ibẹ̀ ni àrùn náà fara pamọ́ sí.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni àrùn Fọn Wílíbràndì. Ìtàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Ọ́láǹdì ní orílẹ̀-èdè Fínláǹdì. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 5 kan wá sọ́dọ̀ dókítà tí ń jẹ́ Ẹ́ríìkì fọn Wílíbràndì ní ìlú Hẹ́lísíńkì. Ẹ̀jẹ̀ ń tètè dà lára ọmọ náà, kì í sì í tètè dá. Mẹ́rin nínú àwọn arábìnrin rẹ̀ ni ìsun ẹ̀jẹ̀ ti pa ní kékeré. Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ọmọ kan. Ó tọ ìdílé náà lọ, ó wo ènìyàn 66 nínú wọn, ó sì rí i pé 23 ni ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn 23 náà, èyí sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí àrùn ìsun ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, àwọn ọkùnrin ló ń bá jà. Ní ọdún 1926 ni ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin yẹn kò dàgbà di obìnrin. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, nǹkan oṣù rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀.

Oríṣi tí ọmọ náà ní le gan-an, èyí tí ó wọ́pọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ bí ara ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró á mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé nǹkan oṣù ni ó kọ́kọ́ ń tú àṣírí rẹ̀. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ya, àwọn ègé kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ a sáré wá dí ojú ibi tí ó ya. Ṣùgbọ́n àwọn ègé wọ̀nyí kò lè dì mọ́ ara òpó náà láìsí àtè. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe àtè náà, òun ni a sì ń pè ní èròjà Fọn Wílíbràndì. Nínú àrùn yìí, àtè ọ̀hún kò tó, tàbí kí ó tó ṣùgbọ́n kí ó má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọmọ lè gbé ọdún 12 láyé láìfara pa ju kí eékún bó lọ, kí a má sì mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ilé ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya awọ inú rẹ̀ dà nù lóṣooṣù, àìmọye òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ni yóò là lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ yẹn ni àìsí àtè yóò hàn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà "láti ìgbà àkọ́kọ́" fi wúwo. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ geere fún ogún ọdún kí ó tó di púpọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a óò máa wá nínú tirẹ̀. Ó lè jẹ́ kókó inú ilé ọmọ. Ọmọ ọdún 12 tàbí 13 kì í sábà ní kókó. Òótọ́ ni pé nǹkan oṣù àwọn ọmọdé máa ń ṣe ségesège fún ọdún kan sí méjì, nítorí ẹyin kò tíì máa jáde déédéé, èyí nìkan sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ gbé dé ilé ìwòsàn, iye àwọn tí ó ní àrùn ìsun ẹ̀jẹ̀ lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Oníṣègùn tí ó bá dá wọn lóhùùn pé "ó máa lọ tó bá dàgbà" láìbi wọ́n ní nǹkan kan, àfojúdá lásán ni ó ń ṣe.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Kò sí ẹni tí ń fi ife wọn ọ́n. Páàdì ni a ń wò. Bí páàdì tí ó dára bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan sí méjì, bí ọmọ bá ń jí lóru láti pàrọ̀ rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó tóbi ju owó ẹyọ lọ bá ń jáde, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ju 7 lọ, ó ti pọ̀ jù. Ìyá tí òun náà ń pàrọ̀ páàdì lóru láti ọmọdé kò ní mọ̀ pé èyí jẹ́ àmì, nítorí ojú tirẹ̀ ni ó fi ń wo ti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù máa ń rí. Nǹkan oṣù rẹ̀ kẹta nìyí, ó ti wọ ọjọ́ kẹsàn-án. Páàdì 8 ni ó lò lọ́jọ́ kejì. Òyì ń kọ́ ọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó dákú lórí ìlà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó jẹ́ 18, bẹ́ẹ̀ 36 sókè ni ó yẹ kí ó jẹ́. Wọ́n fà á ní ẹ̀jẹ̀ àpò méjì, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ gòkè, inú gbogbo wọn dùn, wọ́n lọ sílé. Lóṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n padà wá.

Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n rọ omi sínú garawa tí ó jò láìyẹ ìdí rẹ̀ wò. Ìbéèrè tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ni wọn kò béèrè. Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde nímú ọmọ yìí, tí kì í dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ṣé ara rẹ̀ máa ń dúdú bolobolo láìfara gbá nǹkan? Nígbà tí wọ́n yọ eyín ìyá rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde? Nígbà tí ó bímọ ńkọ́? Wọ́n á ti gbọ́ pé ìyá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí ọmọ méjèèjì, pé wọ́n di ẹbi rẹ̀ ru àwọn àgbà ilé ọkọ. Ó sì yẹ kí wọ́n bi bàbá náà, ohun tí a kì í sábà ṣe rárá. Àrùn yìí lè ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú òbí méjèèjì wá. Bí ọ̀kan péré bá ní oríṣi tí ó wọ́pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ ní i. Ọkùnrin tí wọ́n dá abẹ́ fún tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kì í so ó pọ̀ mọ́ nǹkan oṣù ọmọbìnrin rẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kíka àwọn ègé ẹ̀jẹ̀ àti wíwo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì, tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò lè ṣe, lè jáde dáadáa kí àrùn náà sì wà níbẹ̀. Èròjà Fọn Wílíbràndì gan-an ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n: iye rẹ̀ àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Èyí kò sí ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ni a ti lè béèrè rẹ̀. Ó dára kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ọmọ lára, nítorí àtè ẹlẹ́jẹ̀ náà lè dà á rú. Ohun mìíràn tún wà: ìrora, ìpayà àti oyún máa ń mú kí èròjà yìí gòkè. Ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò nínú wàhálà lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà, èsì kan tí ó dára kò tíì tó. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ara bá balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀wọ́ O, tí wọ́n pọ̀ jọjọ láàárín wa, máa ń ní èròjà yìí níwọ̀nba ju àwọn yòókù lọ láìṣe àìsàn. Dókítà tí ó mọṣẹ́ ni yóò fi ìtàn ìdílé gbe èsì náà.

Nígbà tí a bá ń dúró de èsì, a kò gbọ́dọ̀ máa wo ọmọ níran. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ tiranẹsámíìkì ásíìdì, tí àwọn agbẹ̀bí ti mọ̀ dáadáa nítorí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ó ń dí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì lọ́wọ́ kí ó má tètè yọ́. Gíráàmù kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, ni wọ́n sábà ń kọ fún ọ̀dọ́. Dókítà ni yóò pinnu rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ká a, wọ́n lè kọ oògùn tí àwọn obìnrin fi ń fètò sọ́mọ bíbí. Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń bínú dìde, tí wọn á ní wọ́n fẹ́ ba ọmọ àwọn jẹ́. Oògùn náà ń jẹ́ kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́, kí ohun tí yóò dà nù lè dín kù. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìwà ọmọ.

Ó ku oògùn inú rírun. Nílé, Alábùkún ni ìyá yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, ásípírìnì sì wà nínú rẹ̀. Ásípírìnì kì í jẹ́ kí àwọn ègé ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ra. Fún ọmọ tí àtè rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, epo ni a rọ síná yẹn. Ibupurofẹ́ẹ̀nì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀nba. Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ó lò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un, kí ó má ṣe dá a dúró lọ́jọ́ tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bá pé. Oṣù mẹ́ta mìíràn ni ó yẹ kí ó fi lò ó, kí ara lè tún àká rẹ̀ kún.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní i, kí wọ́n kọ orúkọ àrùn náà sí ìwé kan tí yóò máa gbé kiri, kí dókítà eyín àti agbẹ̀bí lè rí i kí wọ́n tó fi ọwọ́ kàn án. Kí ìyá náà lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì ní àbúrò obìnrin tí kò tíì ṣe nǹkan oṣù, òun ni kí wọ́n mú lọ tẹ̀lé e, kí oògùn rẹ̀ ti wà nílé kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé.