Gbogbo ọjà tó ṣẹ́kù kọ́ ni ọjà gbàǹjo

1.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán aṣọ tà ní Ìbàdàn, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín lónìí, kò sì ní dùn létí gbogbo yín. Tí ọdún bá ti parí báyìí, Iléyá ni o, Kérésì ni o, ẹ máa ń fi ọwọ́ ara yín ba orúkọ tẹ́ ẹ ti ń kọ́ bọ̀ látọjọ́ yìí jẹ́. Owó tẹ́ ẹ dín kọ́ ló ń bà á jẹ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ àwòrán ni.

2.
Òkè Àdó ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa ya àwòrán ọjà, kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sí i fáwọn tó ń tajà lórí Instagram àti Wáṣáàpù. Lẹ́yìn ọdún kọ̀ọ̀kan, irú èyí ni mo máa ń rí, láti Mọ́lété títí dé Sálẹ́ńjì:

"KÍLÍÁRÁǸSÌ! Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá, ọjà ò tà! Owó yòówù tẹ́ ẹ bá ní! Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì fún iye."

Ẹ jẹ́ ká kà á bí oníbàárà ṣe máa kà á.

3.
"Ọjà ò tà" túmọ̀ sí pé àwọn èèyàn ti rí i ṣáájú mi, wọn ò sì fẹ́ ẹ. "Owó yòówù" túmọ̀ sí pé iye tẹ́ ẹ pè tẹ́lẹ̀, ẹ kàn pè é ni. "Ẹ gbà wá" túmọ̀ sí pé àánú lẹ ń tọrọ, ẹ ò tajà. Ti "ínbọ́ọ̀sì fún iye" yẹn ńkọ́? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ọ́ ní abala 115 pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye rẹ̀ hàn. Gbólóhùn mẹ́rin péré, ẹ ti bú ọjà yín, ẹ ti bú ara yín, ẹ tún ti tẹ òfin lójú.

4.
Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èdè wa ti kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí tipẹ́. Kí la máa ń pe nǹkan tí owó rẹ̀ ga? Ọ̀wọ́n. Kí la máa ń pe nǹkan tí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó? Ọ̀wọ́n náà ni. Tẹ́ ẹ bá ra nǹkan ní owó pọ́ọ́kú, ẹ ní ẹ rà á lọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ iye owó, òun náà ló ń sọ iye tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá pariwo pé ọjà kún ilé òun ti sọ pé kò níye lórí, kódà kó má tíì dín kọ́bọ̀.

Ẹ wá wò ó o: ọjà tó ṣẹ́kù, ó kéré níye ni! Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ rán lọ́dún yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń polówó rẹ̀ bí ẹni pé ó pọ̀?

5.
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé, "Èèyàn Ìbàdàn fẹ́ràn ọ̀pọ̀ jàre, kọ gbàǹjo síbẹ̀, wọ́n á yọjú." Òótọ́ ni, wọ́n á yọjú. Mi ò sì bú ẹni tó ń lu gbàǹjo. Ẹni tó tú ọ̀kìríkà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó ń pariwo "gbàǹjo! gbàǹjo!", iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tiẹ̀ lára aṣọ yẹn, ọjà mìíràn ló sì máa tú lọ́la. Ìwọ tó o ní lébẹ́ẹ̀lì lọ́rùn aṣọ, orúkọ kan náà lo máa fi ta ti ọdún tó ń bọ̀. Ohùn tirẹ̀ ò lè jẹ́ ohùn tìẹ.

6.
Àwọn kan wà tó ṣe àṣejù sí òdìkejì. Burberry, ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kó di mímọ̀ lọ́dún 2018 pé ọjà tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 28.6 owó pọ́n-ùn làwọn bà jẹ́ láàárín ọdún kan, kó má bàa di ọjà ọ̀pọ̀ níta. Aráyé pariwo lé wọn lórí, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ní àwọn ò ní dáná sun ọjà mọ́. Kò sẹ́ni tó máa sun aṣọ ní Òkè Àdó, ebi ò ní jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù wà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń bọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe iná.

7.
Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ẹ rán gáùn àdìrẹ ogójì (40) fún Iléyá. Aṣọ, owó rírán àti lébẹ́ẹ̀lì jẹ́ ₦15,500 lórí ọ̀kan. ₦28,000 lẹ tà á, èrè ₦12,500. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n (29) ti lọ, mọ́kànlá (11) ló kù.

Ẹ ní kẹ́ ẹ dín ìdá 30 nínú 100. Ó di ₦19,600. Ó dà bíi pé ohun tẹ́ ẹ yọ ò pọ̀, ṣùgbọ́n èrè ti di ₦4,100. Ẹ gbọ́dọ̀ ta mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí nǹkan bí èrè tẹ́ ẹ ń rí lórí ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ₦23,000 lẹ pè é, èrè á ṣì jẹ́ ₦7,500. Márùn-ún tẹ́ ẹ bá tà á fún yín ní èrè mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dáa ló máa jẹ́ kí ₦23,000 ṣeé ṣe.

8.
Báyìí ni mo ṣe máa ń bi àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kí n tó kọ ohunkóhun: "Àǹtí mi, mélòó ló kù gan-an? Sáìsì wo ni? Ṣé ẹ máa tún rán irú ẹ̀? Kí ló wà lára aṣọ yìí tí kò sí lára òmíràn?" Ìdáhùn yẹn ló máa di ọ̀rọ̀. Ẹ wo irú èyí:

"Gáùn Iléyá wa, àdìrẹ Ìbàdándùn. Àwọn òpó Màpó wà lára iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ogójì la rán, mọ́kànlá ló kù: sáìsì 8 mẹ́ta, sáìsì 18 mẹ́jọ. A ò ní rán irú ẹ̀ mọ́. ₦28,000 la tà á látìbẹ̀rẹ̀. Ó di ₦23,000 títí di alẹ́ Sátidé. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa kó o kúrò nílẹ̀ fún aṣọ tuntun."

9.
Ẹ ṣàkíyèsí ètò rẹ̀. Aṣọ ló ṣáájú, owó ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kà á ti mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó mọ̀ pé a dín in. Ìdí tó fi kù náà hàn: sáìsì ni, aṣọ ò burú. Ẹni tó ń wọ sáìsì 18, tí kì í tètè rí aṣọ tó bá a mu, inú rẹ̀ á dùn pé òun ló kù fún! Ó ní ọjọ́ tó máa parí. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" kankan níbẹ̀, kò sì sí ariwo.

10.
Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú. "Ó ku méjì péré" nígbà tí ogún wà nínú àpò. "₦40,000 tẹ́lẹ̀, ₦28,000 báyìí" nígbà tí ẹnikẹ́ni ò san ₦40,000 rí. Òfin 2018 yẹn kan náà kò fàyè gba irọ́ lórí ọjà. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù karùn-ún 2022, ẹni tó bá kéde ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ fi iye tó kéré jù tó ti tà á láàárín ọgbọ̀n (30) ọjọ́ tó ṣáájú hàn. Wọn ò lè fi òfin wọn mú yín ní Líbátì Róòdù, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe òfin fún ara yín. Oníbàárà ń ya àwòrán ojú fóònù, ẹ má gbàgbé.

Tí Sátidé bá sì kọjá, kó kọjá. Ẹni tó sọ "ọjọ́ ìkẹyìn" lẹ́ẹ̀mẹta ti kọ́ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n máa dúró de ẹ̀ẹ̀kẹrin.

11.
Ẹni tó san ₦28,000 lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ńkọ́? Òun lẹ ṣẹ̀ jù tó bá ṣèèṣì rí ẹ̀dínwó yìí níta. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i ní ọjọ́ kan ṣáájú: "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rà á, ẹ̀yin la kọ́kọ́ ń sọ fún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òmíràn fún àbúrò tàbí ọ̀rẹ́, ₦23,000 ni láti òní." Ẹni tí ì bá bínú ti di ẹni tó ń bá yín wá oníbàárà.

12.
Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ kan iye rárá, ẹ rántí ènì. Alátà ń bu ènì, kì í ṣe torí pé ata rẹ̀ ò dáa. Ìborùn kan tó ná yín ní ₦1,800, tẹ́ ẹ fi sí gáùn ₦28,000, ó sàn ju kẹ́ ẹ gé ₦5,000 kúrò. Iye ò yí padà, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló dé tó fi wọ́n tẹ́lẹ̀.

13.
Ọ̀rọ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ o. Aṣọ tó ní àbàwọ́n, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ ya àwòrán àbàwọ́n náà, ẹ sọ ibi tó wà. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tó dáa. Tó bá sì jẹ́ pé owó ilé ló ti tó san, tí owó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́la, ẹ má gbé wàhálà yẹn sójú ìwé yín. Ẹ tú lébẹ́ẹ̀lì kúrò, kẹ́ ẹ kó o lódidi fún alárobọ̀ tó ń lọ sí ìlú mìíràn. Owó á wọlé, orúkọ yín ò sì ní sí níbẹ̀.

14.
Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ ti ba nǹkan jẹ́? Ẹ gbé aṣọ tuntun síta, kẹ́ ẹ ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń béèrè sáìsì àti àwọ̀, ó dáa. Tí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ "ìgbà wo lẹ máa dínwó ẹ̀?", ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Ó lè gba odindi ọdún kan láìsí ẹ̀dínwó kí wọ́n tó gbàgbé.

15.
Torí náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ lọ ka ọjà tó kù nínú àpò yín, ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye àti sáìsì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa "gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ" yẹn rẹ́. Ta ló ń lé e?