"Vous" Kì í Ṣe "Ẹ"

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé tí a bá ti fi "vous" rọ́pò "tu", Faransé wa ti ní ọ̀wọ̀ nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì akẹ́rù kan ní Dùgbẹ̀, ọkọ̀ wa há sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹrù tó yẹ kó dé Kútọnu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun di ti Ọjọ́bọ̀. Ẹni mẹ́ta ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí.

Oníbàárà kò fẹ́ ìtàn ẹnubodè. Ọjọ́ tuntun ni mo fi ṣáájú: "Votre marchandise arrivera jeudi." Ẹ̀bẹ̀ ló tẹ̀lé e: "Nous vous prions de nous excuser de ce retard." (Ẹ yé kọ "Je m'excuse", létí ọ̀pọ̀ wọn, ó dà bí ẹni tó dárí ji ara rẹ̀.)

Ẹlẹgbẹ́ mi ní Kútọnu fi ọdún méje jù mí lọ, síbẹ̀ òun ló ní kí n máa lo "tu": "Le camion est bloqué à Sèmè. Tu peux appeler le transitaire ?" Àfojúdi ló kọ́kọ́ jọ lójú mi. Ọjọ́ orí ni "ẹ" tiwa sábà máa ń wò. Ìfaramọ́ra àti ipò ni "vous" ń wò.

Ọ̀gá àgbà ni mo ṣìṣe sí. Mo kí i ní ìlà mẹ́fà, mo ròyìn, mo wá fi ọ̀rọ̀ owó tí ọkọ̀ máa san níbi tó dúró sí sísàlẹ̀ pátápátá. Kò kà á débẹ̀. Nígbà tí mo tún un kọ, ìbéèrè ló tẹ̀lé "Madame la Directrice": "Je sollicite votre accord pour les frais de stationnement." Mo sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, mo sì fi ìkíni tó gùn sí ìparí, níbi tí Faransé ń fi í sí. Èsì dé kí ilẹ̀ tó ṣú.